Ẹ Lè Pò Ó

Ẹ má bú mi bí mo bá ní ojú mi kì í gbé ibì kan. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ike ni mo ń tà ní Ọjà'ba, ike òfìfo oríṣiríṣi, èyí tó ní ìdérí àti èyí tí kò ní, láílọ́ọ̀nù náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ike òfìfo, dandan ni kó máa ronú ohun tí wọ́n fẹ́ rọ sínú rẹ̀. Tí oníbàárà bá ní kí n fún òun ní mẹ́wàá, màá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á ní kí ló kàn mí. Wọ́n á ní Ìyá Precious, ẹ ti ń bi nǹkan jù. Mo gbà. Ìyá tó bí mi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ifáyọ̀kẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí. Ọmọ ilé onífá kan ní Bẹ́yẹrúnkà ni, ọdún mọ́kànlá la sì ti jọ ń wo ojú ara wa lójoojúmọ́. Ìpara ló ń tà, òun àti ọṣẹ àti òróró ara. Páálí-páálí ló ń kó o wá láti ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló sì ń tà á fún. Ó mọ́ tónítóní, kì í bá èèyàn jà, kì í sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yìn. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣòroó bá ṣe àròyé, kí n má parọ́. Ohun méjì péré ni mi ò mọ̀ nípa rẹ̀, méjèèjì ló sì ń yún mi bí ìgbà tí kòkòrò bá wọ èèyàn láṣọ.

Àkọ́kọ́ ni apá aṣọ rẹ̀. Oòrùn ì báà mú títí kí ọ̀dà ojú títì iwájú gbọ̀ngán Màpó máa lẹ̀ mọ́ bàtà, aṣọ alápá gígùn ni Ifáyọ̀kẹ́ máa wọ̀, tó máa dé ọrùn ọwọ́. Kì í ṣe ẹlẹ́hàá. Kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ka aṣọ sí èèyàn lọ́rùn. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bi í, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní òtútù ni. Òtútù kẹ̀? Ní Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta?

Èkejì ni pé kì í po ìpara. Ẹni tí kò bá gbé àdúgbò wa lè má mọ bí ìyẹn ṣe tó. Gbogbo wa ní ìlà náà la mọ̀ pé àpòpọ̀ lowó wà. Obìnrin á dé, á ní "ẹ bá mi pò ó," wọ́n á bu ti inú ike yìí, wọ́n á fún ti inú túùbù yẹn sí i, wọ́n á fi igi rò ó, tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó dúdú tẹ́lẹ̀ á ti pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Wọ́n ń pè é ní "ara títọ́jú." Bíbóra ni, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀ o, torí ike mi ni wọ́n ń dì í sí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Ifáyọ̀kẹ́, yóò ní bí ilé iṣẹ́ ṣe dé e lòun ṣe ń tà á. Wọ́n á pòṣé, wọ́n á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Àwọn kan ní kò mọ̀ ọ́n pò ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mi ò purọ́ fún yín.

Nígbà tó yá, ọjà dá. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń wá kó páálí dín kù, páálí sì ń ga sí i lẹ́yìn Ifáyọ̀kẹ́ débi pé kò rí ẹsẹ̀ nà mọ́. Fákọ́lá ọmọ rẹ̀, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó wá àwọn alágbàtà lórí Wásáàpù, àwọn tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí yóò máa gba ọjà díẹ̀díẹ̀ lọ tà ládùúgbò tiwọn. Ọmọ náà ya àwòrán ọjà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní èdè òyìnbó. Ìyá rẹ̀ ní Yorùbá lòun fẹ́, torí àwọn obìnrin Àrẹ̀mọ àti Ìsàlẹ̀ Òsì lòun ń wá, kì í ṣe lọ́yà. Ó gbé fóònù sọdá sọ́dọ̀ mi.

Bàbá mi ṣe tíṣà. Bí àwọn kan ṣe ń jogún ilé ni mo jogún Yorùbá, mo sì máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀. Mo kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kò mọ̀ pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n ni. Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tóun fi máa kọ iye tí wọ́n á máa tà á, kí ẹnì kan má bàa fi owó gọbọi tà á, kí ẹnì kan má sì tà á wálẹ̀ ba ọjà ẹnìkejì jẹ́. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, a kọ ọ́ báyìí:

"À ń wá alágbàtà. Ẹ lè máa ta ìpara àti ọṣẹ láti ilé yín, ẹ kò nílò ṣọ́ọ̀bù. Ọjà àkọ́kọ́: ó kéré tán, ẹyọ méjìlá. Ẹ lè pò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ mẹ́fà ni ó kéré jù. Ẹ ó gbà á ní iye alágbàtà. Iye tó wà lára àwòrán ni kí ẹ tà á. Owó ṣáájú ọjà. Ẹ̀yin lẹ ó san owó ọkọ̀. Ẹ lè lo àwòrán wa. Ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, a kì í gbà á padà, àfi èyí tó bá fọ́ tàbí tó jò, kí ẹ sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́."

Ibi "ẹ lè pò ó" yẹn la ti pẹ́ jù. Ohun tí Fákọ́lá kọ ni pé kì í ṣe dandan kí méjìlá náà jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, èèyàn lè mú ìpara mẹ́rin, ọṣẹ mẹ́fà, òróró méjì, tó bá ṣáà ti pé méjìlá. Ifáyọ̀kẹ́ fẹ́ kọ ọ́ pé "ẹ lè mú oríṣiríṣi títí yóò fi pé." Mo ní ó ti gùn jù, ta ló ń ka ọ̀rọ̀ gígùn lórí fóònù? Mo ní kó kọ "ẹ lè pò ó." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó tán. Ó wò ó títí, ó bi mí pé ṣé ó máa yé èèyàn. Mo ní àfi ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀kan wá láti Mọ́lété, ó mú oríṣiríṣi. Ọ̀kan wá láti Bẹẹrẹ, ọṣẹ ló mú jù. Ẹ̀kẹta ni Ayọ̀mikún, ọ̀dọ́bìnrin kan tó fẹ́ ọkọ sí Àrẹ̀mọ, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó parí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí kò sì ríṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí wa, èmi àti Ifáyọ̀kẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ mí rí. Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé òun nìkan ló mú ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ìpara funfun ti inú ike ńlá ni, méjìlá géérégé. Mo bi Ifáyọ̀kẹ́ pé kí ló dé. Ó ní bóyá èyí ló tà jù ládùúgbò wọn.

Ọjọ́ kẹwàá, Ayọ̀mikún padà wá gba mẹ́fà sí i, ìpara funfun yẹn náà ni. Àfi bó ṣe sọdá títì wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ ike kékeré tó ní ìdérí, ọgbọ̀n.

Ẹ wò ó, ara mi kò gbà á. Ìpara Ifáyọ̀kẹ́ wà nínú ike tirẹ̀, ó ní ìdérí, wọ́n fi nǹkan dí ẹnu rẹ̀ pa. Kí ni ẹni tó ń ra ìpara tí wọ́n ti dé fẹ́ fi ọgbọ̀n ike òfìfo ṣe? Mo bi í. Ó ní fún iṣẹ́ ni. Mo ní iṣẹ́ wo? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ tí Mummy ọ̀ọ́kán gba àwọn láyè láti ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, kò jáde. Mo ka ike fún un, mo fi méjì ṣe ènì, torí ènì máa ń ṣí èèyàn lẹ́nu. Mo wá ní jẹ́ kí n rí ọjà rẹ lórí fóònù, bóyá màá bá ọ wá oníbàárà.

Ó fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. Irú ike tí mo ń tà ni, mo dá a mọ̀, ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àpòpọ̀ òun máa sọ ara di mímọ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù Ifáyọ̀kẹ́ pé ibẹ̀ lòun ti ń gbọjà, kí àwọn èèyàn lè fọkàn tán an. Mo bi í pé ta ló ní kó máa pò ó. Ó yí ojú fóònù náà sókè, ó wá ọ̀rọ̀ kan rí, ó na ìka sí i. Ẹ lè pò ó.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí mo fi ń yangàn.

Kí n sọ òótọ́: ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn pé kí n dákẹ́. Ta ló mọ̀ pé èmi ni? Ṣùgbọ́n Ifáyọ̀kẹ́ kò ní nǹkan mìíràn lọ́jà yìí ju orúkọ pé kì í po ìpara lọ. Tí ojú ẹnì kan bá lọ bó ní Àrẹ̀mọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n máa tọ́ka sí, ẹ̀rí á sì wà lórí fóònù gbogbo ayé pé òun ló ní kí wọ́n pò ó. Ilé iṣẹ́ Èkó tó ń kó ọjà fún un kò sì ní bi í léèmejì. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, a sọdá.

Ifáyọ̀kẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò bínú. Ó kàn ń wo Ayọ̀mikún bí ẹni tí nǹkan ṣókùnkùn sí. Ó ní, "Èmi? Èmi ni mo ní kí o pò ó?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mà," Ayọ̀mikún dáhùn. "Kí n tó sanwó gan-an mo bi yín pé ṣé lóòótọ́ ni pé a lè pò ó. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bó bá ṣe wù mí."

Òótọ́ ni. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó béèrè. Ọmọ náà béèrè bóyá òun lè po ìpara, Ifáyọ̀kẹ́ dá a lóhùn pé ó lè mú oríṣiríṣi, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lò, ìtumọ̀ ò pàdé rárá. Mo jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé èmi ni mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Ifáyọ̀kẹ́ béèrè ni pé ẹni mélòó ló ti rà nínú èyí tó pò. Ayọ̀mikún ní ẹni méjì péré, pé àwọn tó kù ṣì ní àwọn ń bọ̀ wá rà. Ọ̀kan kò tíì ṣí tirẹ̀. Èkejì ni Sìdí, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé, ó ti fi ń para láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ní ó ń ta òun lójú díẹ̀ bí ata, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn torí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Ìyókù wà nílé. Ifáyọ̀kẹ́ ní kó lọ kó gbogbo rẹ̀ wá.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ṣebí wọ́n kọ ọ́ pé ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í gbà á padà. Ó ní gbogbo ohun tóun ní ló wà nínú rẹ̀, kí lòun fẹ́ sọ fún ọkọ òun? Ó tún ní, ohùn jẹ́jẹ́, pé ẹ má bínú mà, gbogbo èèyàn ló ń pò ó, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ò fẹ́? Ìbéèrè tí èmi náà ti ń bi ara mi láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Ifáyọ̀kẹ́ dìde, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà bo ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìyá Precious, ẹ̀yin náà ẹ sún mọ́ ibí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí."

Ó tú bọ́tìnì ọrùn ọwọ́, ó ká apá aṣọ náà sókè dé ìgúnpá.

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ibì kan dúdú kirikiri, ibì kan funfun bí ẹyin, ibì kan pupa. Awọ náà fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, gbogbo iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo ń rí. Nítòsí ìgúnpá, àpá ọgbẹ́ kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó ní ìṣó lásán ló ha òun níbẹ̀, ọgbẹ́ náà lo oṣù méje kó tó jiná.

"Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n pò," ó wí fún Ayọ̀mikún. "Èmi ni mo mọ̀ ọ́n pò jù ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Ara ọwọ́ mi yìí ni mo fi máa ń tọ́ ọ wò kí n tó tà á fún èèyàn, kí wọ́n lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí, torí mo rántí gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí mo ti ṣe nípa òtútù yẹn. Ó ní àwọn tóun tà á fún nígbà náà, òun ò mọ ibi tí wọ́n wà lónìí. Ìyẹn ló ń dun òun ju ọwọ́ lọ. Ó wá fa apá aṣọ náà wálẹ̀ padà, ó di bọ́tìnì.

Ayọ̀mikún lọ kó o wá kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ike tó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ àti àwọn tí kò tíì ṣí. Ifáyọ̀kẹ́ kà á, ó sì fún un ní méjìdínlógún tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ó ní kó padà bẹ̀rẹ̀. Òfin tó kọ fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ bá Sìdí ní Àrẹ̀mọ. Sìdí bínú gan-an, ó ní ojú òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ la fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun. Ifáyọ̀kẹ́ kò bá a jiyàn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ojú náà han dókítà, ó ní òun lòun máa sanwó káàdì. Nígbà tó rí i pé obìnrin náà kò fẹ́ gbé ike náà sílẹ̀, ó tún tú bọ́tìnì. Sìdí wo ọwọ́ náà, ó wo ike, ó sì gbé e fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ifáyọ̀kẹ́ pè mí, ó ní kí n wá ka ọ̀rọ̀ tuntun tóun kọ kóun tó fi síta. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kó jẹ́ kí Ayọ̀mikún kọ́kọ́ kà á, kó sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀ fún wa, torí èmi ti mọ Yorùbá jù. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ayọ̀mikún dé, ó kà á sókè:

"Ọjà àkọ́kọ́: ó kéré tán, ẹyọ méjìlá. Ẹ lè ṣa oríṣiríṣi títí yóò fi pé. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹ kò gbọdọ̀ po nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹ kò gbọdọ̀ rọ ọ́ sínú ike mìíràn. Alágbàtà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ò ní ta ọjà fún un mọ́."

Mo ní háà, ó ti fi ìyẹn gba oúnjẹ lẹ́nu èmi oníke. Ó ní kí n máa tà á fún àwọn tó ń di ata gígún. Mo béèrè pé gígùn yìí ńkọ́, ta ló máa kà á tán? Ó ní kò burú, ẹni tí kò bá kà á yóò rí àwòrán.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo àwòrán tó wà lókè ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé àwọn ìpara tí Fákọ́lá tò ní ìlà ni màá rí. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó ká apá aṣọ sókè, ó gbé ọwọ́ náà lé orí káńtà, ó gbé ìpara kan tí wọn ò tíì ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi bò ó mọ́ mi lójú, ó wá fẹ́ fi í han gbogbo ìlú.

Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Mo ní wọ́n máa béèrè o, gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí ló máa fẹ́ mọ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè. Àwọn tí mo pò ó fún nígbà yẹn, kò sí ọ̀kan tó bi mí."

Mo ní kó fi ránṣẹ́.